Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Ráúńdì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Onímọ̀ Oúnjẹ ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọ Tí Àìjẹunrekánú Ń Bá Jà

Àwọn àbúrò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpóòsì sí ilé ìwòsàn lókè Ọya, ní Kánò, Kàtsínà, Kàdúná àti Àbújá níbí, ló máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí léraléra. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn. Ọmọ kan náà, bẹ́ẹ̀dì 6, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. A ṣe àkójọ rẹ̀ láti inú irú ọmọ tí a máa ń rí ni, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó.

Kí ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi gan-an lórí ráúńdì?

Háòsì ọ́físà ni yóò sọ bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí ọmọ ń lò. Nọ́ọ̀sì ni yóò sọ ibà, ìgbẹ́ àti bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá ọmọ. Bí ẹ̀yin náà bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá gbé e dé, ìṣẹ́jú mẹ́ta yín ti lọ, kọnsọ́tántì kò sì gbọ́ ohun tuntun kankan.

Ohun kan wà tí kò sí ẹlòmíràn lórí ráúńdì náà tó mọ̀ ọ́n: iye oúnjẹ tó wọ inú ọmọ yìí láàárín wákàtí 24 tó kọjá, iye tó yẹ kó wọlé, àti ìdí tí méjèèjì kò fi bá ara wọn mu. Òun ni wọ́n pè yín fún. Ohun yòówù tí ẹ bá tún sọ, ẹ lò ó láti fi ti èyí lẹ́yìn ni, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe lónìí.

Báwo ni kí n ṣe pín ìṣẹ́jú mẹ́ta náà?

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere, tí kò sáré, máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ bí ọ̀rọ̀ 390. Ẹ má kọ ju 330 lọ, torí wọn yóò dá yín dúró bi yín ní nǹkan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Àwa máa ń lo bí ìdajì ìṣẹ́jú fún ẹni tí ọmọ jẹ́ àti ohun tí a wá béèrè, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ fún ohun tí a rí, ìṣẹ́jú kan tó kù fún ìmọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń lo ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ lórí ohun tí wọ́n rí, wọ́n á wá máa sáré ka ìmọ̀ràn nígbà tí àwọn dókítà ti ń ṣí lọ sí bẹ́ẹ̀dì 7. Ìmọ̀ràn tí a sọ lẹ́yìn ẹ̀yìn kọnsọ́tántì kì í wọ inú fáìlì.

Kí ló yẹ kí n ti ṣe kí ráúńdì tó bẹ̀rẹ̀?

Bí ráúńdì bá jẹ́ aago 9, ẹ dé wọ́ọ̀dù ní aago 7. Ẹ wọn ọmọ fúnra yín, láìsí aṣọ lára rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà tí ẹ lò lánàá, kí ẹ sì rí i pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lórí òdo kí ẹ tó gbé ọmọ lé e. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ wo bóyá ojú ibẹ̀ jìn tí kò sì tètè dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ṣáàtì oúnjẹ, kí ẹ ro ó pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ má fi èyí ṣáájú ṣáàtì, torí ohun tí ẹ bá rí nínú ṣáàtì ni yóò sọ ohun tí ẹ máa bi ìyá.

Àwọn iye wo ni kí n sọ, àwọn wo ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ sọ ìwọ̀n ọjọ́ tó wọlé àti ìwọ̀n àárọ̀ yìí. Ẹ sọ ìwọ̀n apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà kalẹ̀: ọmọ oṣù 6 sí 59 tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 ti wà nínú àìjẹunrekánú tó le. Ìwọ̀n apá kì í yí padà láàárín ọjọ́ méjì, nítorí náà kò sí ohun tí àtúnsọ rẹ̀ ń fi kún un lójoojúmọ́.

Ẹ sọ bí wíwú ṣe pọ̀ tó. Àmì ìròpọ̀ kan ni bí ó bá mọ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Méjì ni bí ó bá gun dé ojúgun, tàbí tó bá dé ọwọ́. Mẹ́ta ni bí ó bá kárí ara títí dé ojú. Ìyàtọ̀ yìí ń yí oúnjẹ padà: ọmọ tí wíwú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ń gba F-75, wàrà ìtọ́jú tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ní mílílítà 100 fún kílò kan lóòjọ́, àwọn yòókù ń gba 130.

Gíga ọmọ, iye àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iṣẹ́ baba àti àjẹsára tí ó ti gbà, ẹ kọ wọ́n sínú fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò bi yín.

Báwo ni mo ṣe máa ka ohun tí ọmọ jẹ, tí yóò fi ní ìtumọ̀?

Ibí ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ wo ọmọ bẹ́ẹ̀dì 6. Ó wọlé ní kílò 6.2, wíwú rẹ̀ jẹ́ àmì ìròpọ̀ méjì, ó ń gba F-75 ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. 130 lọ́nà 6.2 jẹ́ 806. Bí a bá pín in sí ìgbà 8, mílílítà 100 ni ní ìgbà kan. Èyí ni ohun tí wọ́n kọ sínú ṣáàtì láti aago 9 àárọ̀ àná: 95 ní aago 9, 100 ní aago 12 ọ̀sán, 90 ní aago 3, 95 ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, 85 ní aago 9 alẹ́, 40 ní aago 12 òru. Ibi tí wọ́n ti máa kọ ti aago 3 òru ṣófo. Aago 6 òwúrọ̀, 90.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 595 nínú 800, ìyẹn ìdá 74 nínú 100. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ èyí lórí ráúńdì, wọn yóò sì dákẹ́. Ohun tí kọnsọ́tántì sì máa gbọ́ ni pé ọmọ kò fẹ́ jẹun, yóò ní kí wọ́n fi tíúbù sí i nímú. Ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀, torí ìlànà ni pé bí ọmọ kò bá mu tó ìdá 80 nínú 100 ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta léraléra, tíúbù imú ni.

Ṣùgbọ́n ẹ pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà 6 tó bọ́ sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ jẹ́ 555 nínú 600, ó lé ní ìdá 92 nínú 100. Ìgbà méjì ti òru jẹ́ 40 nínú 200. Ọmọ tí kò fẹ́ jẹun kì í mu 100 ní ọ̀sán. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní òru, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí a tó dámọ̀ràn ohunkóhun. A bi ìyá rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé wàrà aago 12 dé, ó ti tutù, ọmọ sì ti sùn wọra. Ó fi ṣíbí rọ díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó fi sílẹ̀. Ní aago 3, kò sí ẹni tó gbé nǹkan wá.

Ìyẹn ni pé ibi tó ṣófo nínú ṣáàtì lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta: ọmọ kọ̀ ọ́, wọ́n fún un ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọ́, tàbí wọn kò fún un rárá. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé òfo lọ sórí ráúńdì láìtíì mọ èyí tí ó jẹ́.

Kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́?

Bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ orí, ọjọ́ tó ti lò lórí irú oúnjẹ wo, lẹ́yìn náà ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ má fi ohun tí ẹ ń béèrè pamọ́ di ìparí bí ẹni ń pa àlọ́. Bí kọnsọ́tántì bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òru ni ẹ bá wá, yóò máa fi etí yẹn gbọ́ gbogbo iye tó tẹ̀lé e.

Ṣé ẹ lè gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Èdè Òyìnbó ni a fi ń sọ ọ́ níwájú bẹ́ẹ̀dì. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí kí ìtò rẹ̀ lè hàn:

> Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀dì 6, ọmọbìnrin oṣù 14, ọjọ́ kẹrin lórí F-75. Nǹkan méjì ni mo ń béèrè: kí a yan ẹni tí yóò máa fún un ní oúnjẹ aago 12 àti aago 3 òru, kí a má sì tíì gbé e kúrò lórí F-75 lónìí.
>
> Kílò 6.2 ni nígbà tó wọlé, wíwú rẹ̀ jẹ́ àmì ìròpọ̀ méjì, apá rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.9. Láàárọ̀ yìí ó jẹ́ kílò 5.8, wíwú náà sì ti kù sí orí ẹsẹ̀ nìkan. Omi wíwú ló ń jáde tí ìwọ̀n rẹ̀ fi ń wálẹ̀.
>
> Mílílítà 100 ló yẹ kó máa mu ní ìgbà 8 lóòjọ́. Ó mu 595 nínú 800. Ṣùgbọ́n láti aago 6 òwúrọ̀ sí aago 9 alẹ́, ó mu 555 nínú 600. Ní aago 12 òru ó mu 40, ní aago 3 kò mu nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ sọ pé wàrà aago 12 ti tutù, ọmọ sì ń sùn. Wọn kò gbé ti aago 3 wá. Kò bì. Ìgbẹ́ olómi kan péré ló yà lánàá. Mẹ́rin ni lọ́jọ́ tó wọlé.
>
> Láti aago 9 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, mílílítà 40 nìkan ló wọ inú rẹ̀. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.6 nígbà tó wọlé. Láàárọ̀ yìí, kó tó jẹun, ó jẹ́ 3.1. Ara rẹ̀ jẹ́ 35.6 lábíyá. Mo rò pé òru ló ń fà á sẹ́yìn, kì í ṣe àìfẹ́jẹun.
>
> Ìmọ̀ràn mi: kí F-75 rẹ̀ dúró sí 100 ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Kí nọ́ọ̀sì alẹ́ jí ìyá àti ọmọ ní aago 12 àti aago 3, kó fún un ní wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì kọ iye tó mu. Kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago 3 àti aago 6. Bí wọ́n bá gbé e fún un tí kò mu tó 80 ní ìgbà méjèèjì, kí a fi tíúbù imú sí i lọ́la fún ti òru. Bí ó bá mu ún, tí wíwú sì ń lọ, èmi yóò fi oúnjẹ ẹ̀pà inú sáṣẹ́ẹ̀tì dán an wò ní aago 9 àárọ̀ ọ̀la.

Bí ẹ bá kà á sókè láìsáré, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti ooru ara wọlé, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ tààrà. Mo fi wọ́n sí i torí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ebi òru ń ṣe sí ọmọ yìí. 3.1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ààlà: ìsàlẹ̀ 3 ni a ń tọ́jú lójú ẹsẹ̀.

Kí ló mú ìmọ̀ràn kan tẹ̀wọ̀n ju òmíràn lọ?

Ìmọ̀ràn tó dára ní ẹni tí yóò ṣe é, iye, aago, àti ohun tí a máa ṣe bí kò bá ṣeé ṣe. “Kí a túbọ̀ mójú tó oúnjẹ rẹ̀” kò ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ènìyàn yóò mi orí sí i, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe é, torí kò sí ẹni tí a pè.

Ẹ má gbé ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá ní méje, ẹ kọ méje sínú fáìlì, kí ẹ sọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lónìí. Ẹ tún wo ojú nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ èyí tó kàn án. Kó tó di aago 9, ẹ ti lọ bá a, ẹ ti bá a sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́: “Àǹtí, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ òru wá lórí ráúńdì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ó ṣe lè ṣeé ṣe.” Nọ́ọ̀sì méjì lè wà lálẹ́ fún ọmọ tó pọ̀ gan-an. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ lójijì níwájú kọnsọ́tántì, ẹ̀sùn ni yóò jọ, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara wọn dípò kí wọ́n wá ọ̀nà.

Èdè Hausa ni ìyá ọmọ ń sọ, mi ò sì gbọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ má sì fi ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì ṣe ògbufọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ìyá náà lè tijú sí. Ẹ béèrè nípa òru àná nìkan, ní aago kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ẹ bá bi í pé “ṣé ọmọ ń jẹun?”, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dá yín lóhùn, torí ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀. Bí ẹ bá gbé kọ́ọ̀pù sí i lọ́wọ́ tí ẹ ní kó fi hàn yín ibi tí wàrà kù sí, yóò fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí i.

Ẹ tún bi í ohun mìíràn tí ọmọ jẹ. Ìyá àgbà lè ti gbé kunu tàbí fura wá láti ilé. Ọmọ tó ti mu kunu yó ní aago 5 kò ní lè mu F-75 ní aago 6, iye tó wà nínú ṣáàtì yóò sì dàbí pé àìsàn ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé inú ọmọ kò tíì lágbára fún un, àti pé yóò padà sórí kunun gyada bí ara rẹ̀ bá ti le.

Ìwọ̀n ọmọ ń wálẹ̀ lórí oúnjẹ tí mo kọ fún un. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo kùnà?

Ẹ sọ wíwú àti ìwọ̀n nínú gbólóhùn kan náà, ẹ má yà wọ́n. “Ó ti dínkù ní kílò 0.4” nìkan yóò dẹ́rù ba ráúńdì. “Ó ti dínkù ní kílò 0.4, wíwú rẹ̀ sì ti kúrò ní ojúgun, ó ku orí ẹsẹ̀” jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Omi tó wà lábẹ́ awọ ló ń jáde. F-75 kò sì wà fún kí ọmọ sanra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ara padà bọ̀ sípò, torí náà a kì í retí kí ìwọ̀n gòkè ní àwọn ọjọ́ yìí.

Ohun tó yẹ kó dà yín láàmú ni ìwọ̀n tó ń wálẹ̀ nígbà tí kò sí wíwú mọ́, tàbí tí wíwú kò yí padà. Nígbà náà, ẹ wo ìgbẹ́, èébì, àti bóyá wàrà ń wọ inú rẹ̀ ní tòótọ́. Èyí tó tún yẹ kó dà yín láàmú ni ìwọ̀n tó ń gòkè tí wíwú náà ń gòkè: omi ló ń pọ̀ sí i, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kìíní.

Ẹnì kan lè bi yín pé ṣé kí a tún F-75 ṣírò pẹ̀lú kílò 5.8. Rárá. Ìwọ̀n ọjọ́ tó wọlé ni a ń lò títí ọmọ yóò fi kúrò lórí F-75. Ẹ ní ìdáhùn yẹn lẹ́nu, torí wọn yóò béèrè rẹ̀.

Nígbà wo ni kí n dámọ̀ràn pé kí ọmọ kúrò lórí F-75?

Nígbà tí ó bá ń mu gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú ìfẹ́, tí wíwú ń lọ, tí ohun tó gbé e wọlé sì ń fà sẹ́yìn. Ọmọ wa ti ní èkejì, ó sì jọ pé ó ní ẹ̀kẹta. Àkọ́kọ́ ni a kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà nítorí òru. Ìdí nìyẹn tí a fi sún un sí ọ̀la, tí a kò wulẹ̀ sọ pé “kò tíì yá”.

Bí ó bá yá, ẹ sọ iye tí ẹ máa fún un. Ní àkókò ìrékọjá yìí, a ń wá kálórì 100 sí 135 fún kílò kan lóòjọ́. Sáṣẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ẹ̀pà kan jẹ́ gíráàmù 92, kálórì 500. Fún ọmọ kílò 5.8, sáṣẹ́ẹ̀tì kan àbọ̀ lóòjọ́ jẹ́ kálórì 750, ó bọ́ sí bí 129 fún kílò kan. Ẹ pín in kéékèèké, kí omi mímu tó mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí F-75 sì wà nílẹ̀ láti fi dí èyí tí kò bá jẹ tán.

Ẹ fi ohun tí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ kún un: bí ìlù ọkàn bá fi 25 yára sí i ní ìṣẹ́jú kan, tí mímí sì fi 5 yára sí i, tí méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ ní àyẹ̀wò méjì tó tẹ̀léra, kí wọ́n pe dókítà, kí a sì dín oúnjẹ kù. Ọkàn ọmọ náà lè máà tíì gbé ẹrù oúnjẹ tuntun.

Kọnsọ́tántì dá mi dúró ní àárín ọ̀rọ̀, mo sì gbàgbé ibi tí mo dé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dá a lóhùn ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì fò tààrà lọ sí ìmọ̀ràn. Ẹ má padà sí ibi tí ẹ ti kúrò. Páálí kékeré kan lọ́wọ́ yín tó: ìwọ̀n méjì, àmì wíwú méjì, iye tó mu àti èyí tó yẹ kó mu, ìmọ̀ràn mẹ́ta. Ẹni tó ń ka ìwé gígùn kì í lè rí ibi tó fò dé.

Dókítà fẹ́ kọ oògùn tí yóò mú ọmọ tọ̀ nítorí wíwú náà, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn?

Bí ẹ bá rí i nínú fáìlì ní aago 7, ẹ lọ bá háòsì ọ́físà tàbí rẹ́jísírà kí ráúńdì tó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń parí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ojú tì.

Bí ó bá jẹ́ níwájú bẹ́ẹ̀dì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ọmọ yìí: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, wíwú rẹ̀ ti ń lọ fúnra rẹ̀ lórí F-75, láti méjì sí ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin. Potásíọ́mù ara rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn ìtọ̀ yóò tún gbé e jáde. Ṣé a lè fi sílẹ̀ kí a máa wo wíwú náà lójoojúmọ́?” Fún oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ pé àyọ́n ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lè mú kí kòkòrò àìsàn lágbára sí i, àti pé ó wà nínú oúnjẹ ẹ̀pà tí ọmọ máa tó bẹ̀rẹ̀.

Òun ni yóò pinnu. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ohun tí ẹ sọ sínú fáìlì, pẹ̀lú aago. Ọ̀wọ̀ kò sọ pé kí a dákẹ́ nígbà tí ọmọ lè fara pa, ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ni ó ń bójú tó.

F-75 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ilé ìwòsàn wa. Ṣé ọ̀rọ̀ ráúńdì nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá ní tó ọmọ yìí di ọ̀la. Ẹ sọ iye tó kù ní ọjọ́, kì í ṣe ní agolo, ní gbólóhùn kan péré. Èyí tó kù, ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá fámásì lẹ́yìn ráúńdì.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n fọwọ́ sí lánàá, wọn kò ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ti òní?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an, pẹ̀lú iye, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni: “Bẹ́ẹ̀dì 6, ọjọ́ karùn-ún. A ní kí ó jẹun ní aago 12 àti aago 3. Ó mu 95 ní aago 12. Ti aago 3 kò wáyé.” Ẹ ti bi nọ́ọ̀sì ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ mìíràn ní gìrì ní aago 3 tí gbogbo ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́, torí òótọ́ ni, ó sì ń yí ìmọ̀ràn padà: ẹ lè béèrè kí wọ́n po wàrà aago 3 pọ̀ mọ́ ti aago 12, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú fíríjì wọ́ọ̀dù, kí ìyá sì mọ bí a ṣe ń fi omi gbígbóná lẹ́yìn kọ́ọ̀pù mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má bàa jẹ́ pé nọ́ọ̀sì nìkan ni gbogbo rẹ̀ so mọ́.

Ohun tí a rí ní aago 12 yẹn ti dáhùn ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n gbé wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún un, ó mu 95. Tíúbù kò kàn án nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ketekete, torí bí iye ọjọ́ kan bá tún kù díẹ̀ káàtó, ẹnì kan yóò tún dá a lábàá. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e fún un ní ìgbà méjèèjì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ jí sílẹ̀, kò sì mu tó 80, ọ̀rọ̀ ti yí padà: tíúbù imú fún òru ni gbólóhùn àkọ́kọ́ yín, àyẹ̀wò oúnjẹ ẹ̀pà sì di ọjọ́ mìíràn.